Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Kóòdù

Inú bíbí pọ̀ lọ́wọ́ mi ju ọgbọ́n lọ. Àwọn tó mọ̀ mí á ní kò tíì yí padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ṣùgbọ́n ohun tí inú bíbí náà fi ojú mi rí lọ́dún tí mo lóyún ọmọ mi yìí, mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn yẹ̀yẹ́ tó.

Mowe ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, nínú ilé oníyàrá méjì kan tó wọnú díẹ̀ sí títì márosẹ̀. Òun a máa jáde ní ìdájí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Èmi kì í lọ síbì kankan. Àwọn ìjọ ni wọ́n máa ń fi ìwàásù tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá fi etí gbọ́ ọ, màá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fi ṣe ìwé. Nítorí iṣẹ́ yìí la ṣe ra ráútà, tí a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, kí Wáìfáì lè dé gbogbo ilé. Kò sí ìwàásù lórí ìdáríjì tí mi ò tíì tẹ̀. Mo mọ ẹsẹ Bíbélì wọn lórí, mo sì mọ ibi tí ìjọ ti máa ń pariwo àmín.

Ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ifọ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìwé ìpolówó ìsọjí fún un, á kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Màmá ni mo ń pè é. Ìyàwó mi ni òun ń pè mí, bí gbogbo ìyá ọkọ ṣe ń pe ìyàwó ilé.

Kí oyún tí mo ń sọ yìí tó dé, méjì ti bàjẹ́ lára mi. Lẹ́yìn èkejì, mi ò tíì lè rìn dáadáa, ni àbúrò ọkọ mi obìnrin wá kí mi, tó sì sọ ohun tí Màmá sọ níbi ìkómọjáde kan ní Ifọ̀. Wọ́n ní ẹnìkan bi Màmá pé báwo ni àwọn ará Mowe, Màmá sì dáhùn pé, “Ilé tí kò sí ẹkún ọmọ, kí ni wọ́n ń fi Wáìfáì ṣe níbẹ̀?” Wọ́n ní àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ifọ̀ láti lọ bi í léèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní ìlú tiwa, lápá Ọ̀ṣun, obìnrin tí kò lè bú àgbà lójú a máa ra ajá, a sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ ajá náà lórúkọ. Bí àgbà náà bá ń kọjá lọ, obìnrin á bọ́ síta, á pe ajá rẹ̀ kó wá jẹun. Ta ni yóò mú un? Ajá ló pè. Èmi ò ní ajá. Ráútà ni mo ní. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ṣí áàpù rẹ̀, mo pa pásíwọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo sì tẹ tuntun sí i: IyaokoKiiseOlorun. Ìyá ọkọ kì í ṣe Ọlọ́run.

Ìtura tí mo rí gbà lọ́jọ́ náà, ojú ń tì mí láti sọ bó ṣe pọ̀ tó. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù mi, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọkọ mi dé tí fóònù rẹ̀ ò wọlé mọ́, mi ò sọ pásíwọ́ọ̀dù fún un. Mo tẹ orúkọ Wáìfáì lórí fóònù tèmi, mo tẹ ibi tí a ti ń fún ẹlòmíràn, fóònù ní kí n fi ìka tẹ òun kí ó lè mọ̀ pé èmi ni, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé kóòdù onígun mẹ́rin náà jáde, dúdú àti funfun, bí ìgbà tí èèrà bo ṣúgà. Ọkọ mi gbé kámẹ́rà rẹ̀ sí i, ó wọlé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lórí fóònù mi ìgbà náà, kóòdù nìkan ló máa ń hàn. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán kà á. Mo ní nínú ara mi pé ajá tèmi dára ju ti àwọn ìyá wa lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà kí oyún tó tún dé. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù nígbà náà, bí ènìyàn ṣe máa ń gbàgbé abẹ́rẹ́ tó fi há aṣọ. Fóònù mi ti jábọ́ sínú garawa omi, mo ti ra òmíràn tí kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́. Nígbà tí oyún pé oṣù márùn-ún, mo rí ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kí n dùbúlẹ̀, kí n má gbé ohun tó wúwo, kí n má kúnlẹ̀, kí n má gun àtẹ̀gùn, kí ẹnìkan sì máa wà pẹ̀lú mi láti àárọ̀ títí ọkọ mi á fi dé. Ó ní bí mo bá tún rí ẹ̀jẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tí yóò gbé mi délé ìwòsàn kíákíá, òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan.

Ìyá tó bí mi ti kú. Èmi nìkan ló bí. Màmá nìkan ló ṣẹ́kù tí a lè pè.

Ọkọ mi pè é lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wọ̀ láti Ifọ̀, ọ̀kadà ló sì gbé e láti ibùdókọ̀ wọlé. Ó gbé báàgì kan àti garawa elépo kan. Kò bi mí ní ohun púpọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi níwájú orí, ó ní, “Ìyàwó mi, padà lọ sùn,” ó sì wọ kíṣìnnì lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ọwọ́ kan ìkòkò mọ́. Ó ń fọ aṣọ mi títí kan èyí tí kò yẹ kí ìyá ọkọ fọ̀. Bí mo bá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, á bi mí láìgbé ohùn sókè pé ṣé kò sí nǹkan. Màá ní kò sí. Á ní, “A dúpẹ́.” Mi ò rí ẹni tó tọ́jú mi bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, inú mi sì ti ń yọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀rọ̀ Wáìfáì wọlé. Màmá ní ọmọbìnrin mìíràn lókè òkun tó bí ọmọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì máa ń pe ara wọn lọ́sàn-án kí Màmá lè rí ojú ọmọ náà lórí fóònù. Dátà rẹ̀ ń tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, “Ìyàwó mi, ọkọ ẹ ní Wáìfáì yín lágbára. Ṣé ó lè dé orí tèmi? Mi ò fẹ́ kí ọmọ náà máa dúró gbagidi lójú mi bí fọ́tò.”

Mo ní, “Ó máa dé ibẹ̀ dáadáa, Màmá.”

Ìgbà náà ni pásíwọ́ọ̀dù náà padà wá sọ́kàn mi, ó dà bíi pé ẹnìkan da omi tútù lé mi lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kíákíá ni mo rántí kóòdù. Mo ní nínú ara mi pé kí ló dé tí mò ń já láyà, mo ṣáà ti fi ṣe ti ọmọ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Mo gba fóònù Màmá, mo ṣí ojú ìwé Wáìfáì rẹ̀, mo tẹ àmì kékeré tó wà fún síkáànì, kámẹ́rà sì ṣí. Mo dá a padà fún un. Mo wá gbé tèmi, mo tẹ ibi tí a ti ń fún ẹlòmíràn, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe rí i pé dúdú àti funfun náà ti yọ, mo yí fóònù náà kọjú sí i, mo nà án síwájú rẹ̀. Ojú fóònù rẹ̀ ni èmi ń wò, kí n lè sọ fún un ibi tí yóò gbé e sí.

Mo ní, “Ẹ sún un mọ́ ọn díẹ̀, Màmá. Ẹ gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kí gbogbo igun rẹ̀ wọ inú ibẹ̀.”

Kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí náà ó pẹ́ kí ó tó mú un. Ó fa dígí ojú rẹ̀ wálẹ̀ sórí imú, ó tẹjú mọ́ fóònù mi dípò tirẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ iléèwé wò. Mo rò pé kóòdù ló ń wò. Fóònù rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ti wọlé. Màmá sọ fóònù náà sórí itan. Ó bọ́ dígí rẹ̀, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ nù ún, ó pẹ́ lórí nínù náà. Ó ní, “Ó ti wọlé,” ó sì dìde jáde.

Mo yí fóònù mi padà láti pa á. Lábẹ́ kóòdù náà, ní lẹ́tà tó mọ́ gaara, fóònù tuntun yìí ti kọ pásíwọ́ọ̀dù síta: IyaokoKiiseOlorun.

Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó tí mò ń wò ó. Mo gbọ́ ìró omi ní kíṣìnnì, Màmá ń fọ abọ́. Mo retí kí ó fọ́ ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí ó wá dúró lójú ilẹ̀kùn, kí ó bú mi tìyátìyá. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Oúnjẹ ni ó gbé wá, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí n jẹ ẹ́ kó tó tutù. Kò pè mí ní ìyàwó mi.

Nígbà tí mo lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo rí báàgì rẹ̀ ní pálọ̀. Ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó ti fa síìpù rẹ̀ pa, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rù bà mí lọ́nà tí kò bà mí rí. Bí obìnrin yìí bá lọ, èmi nìkan ni mo kù nínú ilé láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́, èmi àti oyún tó ń wá ọ̀nà àtilọ. Ohun tó sì burú jù ni pé mi ò lè ní kò jàre. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, “Ṣé kò sí nǹkan?” Mo ní, “Kò sí, mà.” Kò fi “A dúpẹ́” kún un.

Ilẹ̀ mọ́, kò lọ. Ilẹ̀ tún mọ́, kò lọ. Inú báàgì náà ló ti ń mú aṣọ tó ń wọ̀, á sì tún fa síìpù rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sán bá tó, tí ó bá fẹ́ rí ọmọ ọmọ rẹ̀, á gbé fóònù rẹ̀ jáde síta, síwájú géètì. Mo gba ojú fèrèsé wò ó. Ó dúró sínú oòrùn Mowe, ó gbé fóònù sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà, bí ọmọ náà bá dúró gbagidi, á rìn síwájú díẹ̀, á padà sẹ́yìn díẹ̀, á máa wá ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ṣí áàpù ráútà wo àwọn fóònù tó wà lórí rẹ̀. Tèmi wà níbẹ̀ àti kọ̀ǹpútà. Ti Màmá kò sí níbẹ̀. Ó ti pa Wáìfáì lórí fóònù rẹ̀, dátà tirẹ̀ ló ń jó. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, nínú oòrùn, nítorí ẹnu mi. Mo bú ara mi lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe bú u lọ.

Mi ò ní ìgboyà láti bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ní ni irú ọgbọ́n tó kó mi sí wàhálà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ áàpù lọ, mo pa èébú náà rẹ́, mo sì kọ òmíràn: MamaEDarijimi. Màmá, ẹ dárí jì mí. Èrò mi ni pé màá tún gbé kóòdù fún un. Bí lẹ́tà ti àkọ́kọ́ ṣe hàn sí i náà ni èyí yóò ṣe hàn sí i, á kà á, kò ní sí pé mo ń la ẹnu.

Mo gbàgbé pé bí a bá ti pa pásíwọ́ọ̀dù dà, gbogbo fóònù ló ń já. Ọkọ mi wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó wọ yàrá, fóònù lọ́wọ́, ó ní, “Wọ́n ní pásíwọ́ọ̀dù mi ò dára. Ṣé o ti pa á dà ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Kí ló fà á? Ta ló jí i?” Ó rẹ́rìn-ín. “Kí ni èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀ gan-an? Ìwọ lo máa ń gbé kóòdù fún mi, mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

Màmá wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣa ewé ẹ̀fọ́. Ọkọ mi ń wo ojú mi, mo mọ̀ pé bí ó bá fi lè gbọ́ ohun tí mo fi pe ìyá rẹ̀, ilé yìí ò ní rí bákan náà mọ́. Màmá kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹsẹ Bíbélì kan ni. Ó gùn jù. Lẹ́tà inú rẹ̀ pọ̀.”

Ọkọ mi ní, “Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run,” ó síkáànì tuntun lórí fóònù mi, kò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀ kóòdù náà, ó jáde lọ pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ibafo. Obìnrin tó na ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún nítorí irọ́ ló purọ́ yẹn nítorí mi.

Ìgbà tí géètì pa, mo gbé fóònù mi. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tuntun sí tiyín. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn máa pa yín mọ́ níta.”

Ó gbọn ewé kúrò lọ́wọ́. Ó mú fóònù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí kámẹ́rà, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mo yí tèmi sí i. Mò ń retí kí ó kà á. Ó gbé fóònù sókè, ó sì yí ojú tirẹ̀ sí ògiri.

Kámẹ́rà kò rí kóòdù. Ó ń wo ìrọ̀rí, ó ń wo apá mi. Mo ní, “Màmá, ẹ wò ó kí ẹ lè mú un.” Kò wò ó. Ó ní, “Gbé ọwọ́ mi síbi tó yẹ kó wà.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo darí rẹ̀, títí fóònù fi mì tí ó wọlé. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

Mo ní, “Màmá, mo kọ nǹkan síbẹ̀.”

Ó ní, “Mo mọ̀ pé o kọ nǹkan síbẹ̀. Ìyẹn nìkan lo mọ̀ ọ́n ṣe.” Ó wá yíjú sí mi. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ifọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ọ́. Wọn ò pa irọ́ mọ́ mi. Ó ti ń dùn mí láti ìgbà tí ó ti kúrò lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ẹnu ni mo fi sọ ọ́, gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ìwọ wá kó tìrẹ pamọ́ sínú ẹ̀rọ, o wá ń pè mí ní Màmá, Màmá. Bí o bá ní nǹkan bá mi sọ, ahọ́n ń bẹ lẹ́nu ẹ.”

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni, mo ti tẹ̀ ẹ́ ní àìmọye ìgbà fún àwọn pásítọ̀, ó sì le lẹ́nu mi bí òkúta. Mo sọ ọ́. Mo ní, “Màmá, ẹ dárí jì mí.” Ẹkún ò jẹ́ kí n sọ ìyókù.

Ó ní, “Mo gbọ́.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú mi lábíyá, ó gbé mi dìde, ó ní, “Dókítà ní o ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀.”

Oyún náà dúró. Màmá wà pẹ̀lú mi títí mo fi bí i, òun ló wẹ̀ ẹ́ fún ogójì ọjọ́, ó sì padà sí Ifọ̀. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. “Mo gbọ́” nìkan ló sọ fún mi lọ́jọ́ náà, mo sì ń retí kí ó ní òun ti dárí jì mí. Kò tíì sọ ọ́.